Àtúnṣe lórí àkókò fífì ọ̀pá

“Bí ihò ìsokọ́ bá ṣe súnmọ́ àárín rúlà tó ni yóò ṣe máa yára fì tó, torí T = 2π√(d/g).”

Òkúta kékeré tí a fi okùn so rọ̀ ni ìlànà yẹn wà fún. Ti ọ̀pá ni T = 2π√((L²/12 + d²)/(gd)), bí igun fífì kò bá ju nǹkan bí 10° lọ; T ni àkókò ìfì kan, L ni gígùn ọ̀pá, d ni bí ihò ṣe jìnnà sí àárín tó, g sì ni ìyárasí tí òòfà ilẹ̀ ń fà. A dán an wò pẹ̀lú rúlà onímítà kan l'Ákùúrẹ́ níbí: nígbà tí ihò wà ní 10 cm sí àárín, ìṣẹ́jú-àáyá 1.94 ni ìfì kan gbà, kì í ṣe 0.63 tí ìlànà òkúta yẹn ń fúnni, nítorí pé agbára tí ń dá ọ̀pá padà dínkù gan-an níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìnira àtiyí i kò dínkù tó bẹ́ẹ̀. Ní 29 cm ni ó ti ń yára jù, 1.53.