Àwòrán réètì ojoojúmọ́ kò lè sọ ọjọ́ tó yẹ kí a fowó ránṣẹ́ sílé

Ní Òṣogbo níbí, láàárín àwọn ẹbí tí ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òyìnbó, ó ti di àṣà kí ẹnìkan máa ya àwòrán réètì tí Google ń gbé jáde, ìyẹn iye náírà tí pọ́n-ùn tàbí dọ́là kan jẹ́, láti ojú fóònù láràárọ̀, kí ó fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí, kí gbogbo ilé sì jọ pinnu bóyá kí ọmọ náà fowó ránṣẹ́ lónìí tàbí kí ó ní sùúrù. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá fi àwòrán Ọjọ́ Ajé wé ti Ọjọ́bọ̀ yóò mọ ọjọ́ tí owó náà yóò pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ ilé sì ń dá dúró nítorí rẹ̀.

Iye tí Google ń gbé jáde jẹ́ agbede-méjì iye tí wọ́n ń rà àti iye tí wọ́n ń tà nínú òwò owó ńláńlá. Kò sí ilé iṣẹ́ tó jẹ́ dandan fún láti fi iye yẹn ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi igba pọ́n-ùn ránṣẹ́. Olúkúlùkù ní réètì tirẹ̀, èyí tó sábà máa ń kéré sí ti Google, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sì jẹ́ ara èrè tí wọ́n ń jẹ. Nítorí náà, àwòrán tí ẹ ń fi wé ara wọn kì í ṣe iye tí wọn yóò san fún yín.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan wò ó, pẹ̀lú iye tí mo fọwọ́ ara mi yàn kí ìṣirò lè rọrùn. Arábìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Manchester fẹ́ fi 200 pọ́n-ùn ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Òkè-Fìà. Àwòrán Ọjọ́ Ajé sọ pé pọ́n-ùn kan jẹ́ 2,000 náírà, ti Ọjọ́bọ̀ sì sọ pé 2,010 ni. Bí réètì áàpù tó fi ń fowó ránṣẹ́ náà bá gòkè bákan náà, 2,000 náírà ni gbogbo ohun tó jèrè nínú ìdúró ọjọ́ mẹ́ta. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, áàpù tó ń lò, tó ní òun kò gba owó ìfiránṣẹ́ kankan, fún un ní 1,970 lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, ìyá sì gba 394,000. Áàpù mìíràn ń gba pọ́n-ùn kan fún ìfiránṣẹ́, ṣùgbọ́n 2,000 ni réètì tirẹ̀ ní wákàtí kan náà: 199 pọ́n-ùn tó kù ìbá di 398,000. Ìyàtọ̀ àárín áàpù méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí ìdúró mú wá. Áàpù tí kò gba owó ìfiránṣẹ́ ti fi tirẹ̀ pamọ́ sínú réètì.

Èyí kò sọ pé áàpù kejì ló dára nígbà gbogbo o. Bó bá jẹ́ 20 pọ́n-ùn péré ni ó fẹ́ fi ránṣẹ́, ti àkọ́kọ́ yóò mú 39,400 wá, ti kejì yóò sì mú 38,000, nítorí pé pọ́n-ùn kan tí wọ́n yọ níbẹ̀ ti ń rinlẹ̀.

Ẹ tún máa wo ìlà kékeré tó máa ń wà lábẹ́ réètì nínú àwòrán áàpù tí ọ̀rẹ́ bá fi ránṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fún oníbàárà tuntun ní réètì gíga fún ìfiránṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan, ẹni tó ti ń lo áàpù náà tẹ́lẹ̀ kò sì ní rí i gbà lọ́jọ́ kankan. Bákan náà, ọjà owó àgbáyé máa ń tì láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì títí di Ọjọ́ Àìkú lálẹ́, nítorí náà àwòrán Ọjọ́ Àbámẹ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìròyìn tuntun kan nínú.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà pinnu iye náírà, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi 470 náírà, ó sì kọjá 600 láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí kò tíì fowó ránṣẹ́ nígbà náà jèrè gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí àwòrán àná tó sọ fún un pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ìpinnu ìjọba ló yí i padà, òótọ́ sì ni pé náírà tún lè lágbára sí i nígbà tí ènìyàn bá ń dúró.

Àfiwé tó wúlò ni èyí tí a ṣe ní ìṣẹ́jú kan náà. Kí ẹni tó wà lókè òkun ṣí áàpù méjì tàbí mẹ́ta, kí ó tẹ iye tí yóò kúrò nínú àpò rẹ̀ gan-an sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ó sì lọ títí dé ojú ìwé tó ṣáájú ìsanwó, níbi tí wọ́n kọ iye náírà tí yóò dé báǹkì ìyá sí. Iye yẹn nìkan ni kí ó fi wéra, kí ó sì fi owó náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ilé nílò rẹ̀.