Ẹ yéé ní ká kàn wo gírámà!

Ó ti sú mi o! Ìgbàkígbà tí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ìtumọ̀ fún mi bá fi ìwé ìlera ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ẹ̀rọ ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tán, ẹ kàn bá wa wo gírámà." Wọ́n á wá san ìdajì owó. Gírámà kọ́ ló ń bàjẹ́! Yorùbá ẹ̀rọ ti ń já gaara báyìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, torí ẹni tó bá ka Yorùbá nìkan kò ní rí ohun tó máa kọ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Ẹ wo ìwé ìlò parasẹ́tamọ́ọ̀lù kan fún àgbàlagbà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, hóró mílígíráàmù 500. Ìwé òyìnbó tí ẹ̀rọ túmọ̀ ní kéèyàn lo hóró kan tàbí méjì, kó tó wákàtí mẹ́rin ó kéré tán kó tó lo òmíràn, kó má sì ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ̀rọ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ lo hóró kan tàbí méjì fún wákàtí mẹ́rin, ẹ má lò ju hóró mẹ́jọ lọ." Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín lílò méjì ti pòórá, wákàtí 24 náà ti bá a lọ. Ẹnìkan lè gbé mẹ́jọ mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀ ni oògùn yìí ń bà jẹ́ tó bá ti pọ̀jù, ara sì lè má fi hàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìwé òyìnbó ni kí olùtúnṣe kọ́kọ́ kà, kó tó fojú kan iṣẹ́ ẹ̀rọ rárá. Kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo nọ́ńbà, ìwọ̀n, àkókò, "má ṣe" àti "àyàfi", kó wá máa wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Yorùbá. Èyí tí mo tún kọ nìyí: "Ẹ lo hóró kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí mẹ́rin, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó tún lò ó. Láàárín wákàtí 24, ìyẹn láti àárọ̀ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ má lò ju hóró mẹ́jọ lọ."

"Àyàfi" yìí tún ńkọ́? Ìwé òyìnbó ní kéèyàn má lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ àyàfi tí dókítà bá ní kó lò ó. Ẹ̀rọ ní: "Ẹ lè lò ó ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí dókítà kò bá sọ nǹkan kan." Ó yí i sódì!

Nínú ìwé mìíràn, àyẹ̀wò rí kòkòrò ibà lára aláìsàn, ẹ̀rọ kọ ọ́ pé "àyẹ̀wò ibà yín dára." Aláìsàn á dúpẹ́, á sì gbalé lọ láìlo oògùn. "Wọ́n rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ yín" ló yẹ kó wà níbẹ̀, kò sì sí bí ẹni tí kò rí ìwé òyìnbó ṣe máa mọ̀.

Mo wá ní kí wọ́n fi ìwé òyìnbó ránṣẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi í ṣe, ṣé mi ò gbọ́ Yorùbá ni!