Àtẹ̀jíṣẹ́ ará Káírò kì í ṣe ìwé kéwú

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà sí i, ilé mi ṣí sílẹ̀. Èèyàn lè jáde nílé kéwú, kó gbọ́ nahawu yékéyéké, kó máa ka tafsíìrì bí ẹni mu omi, kí gbólóhùn mẹ́rin tí ọmọ Káírò kan tẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Wásáàpù sì dà á lójú rú. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Lárúbáwá. Lárúbáwá inú ìwé ló gbọ́, wọn kì í sábà fi ìyẹn ṣàwàdà níbẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ìgboro yẹn yé dáadáa tún wà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì báyìí, lẹ́tà ọ́fíìsì ló máa ń dà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn yìí gan-an ni mo ń bá wí.

Ẹ wo èyí. Èmi ni mo kọ ọ́ fún àpẹẹrẹ, àmọ́ irú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ síra wọn ní Íjíbítì:

```
fenak ya 3am? wa7eshny wallahi
ma3lesh msh ha3raf agy bokra
ma n5aliha el gom3a ba2a
w hat el sha7en ma3ak ya basha
```

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú àwọn nọ́ńbà yẹn. Nígbà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà púpọ̀ kò tíì ní lẹ́tà Lárúbáwá, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọ̀dọ́ fi ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn, wọ́n wá fi nọ́ńbà dípò ìró tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. 3 ni ع (ẹ yí i sódì, ẹ ó rí i), 7 ni ح, 5 ni خ, 2 ni hamza. 2 yìí ló máa ń da ọmọ kéwú láàmú jù, torí pé ará Káírò kì í sábà pe ق bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ṣe ni wọ́n máa ń gé e lọ́fun bíi hamza. "ba2a" tó wà ní ìlà kẹta yẹn, ق ló wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá hamza kiri nínú ìwé atúmọ̀ nítorí rẹ̀, á wá a tì.

Ó yá, ìlà kìíní. Ó ní "níbo lo wà", àmọ́ kò béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wá. "ya 3am", bí a bá tẹ̀lé ojú ìwé, arákùnrin bàbá ẹni ni. Níbí, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni. Ní ti "wallahi", àwa tí wàláì ò wọ́n lẹ́nu wa ní Ìlọrin àti Ìbàdàn kò yẹ ká béèrè. Tí ẹ bá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì bí ìbúra, ẹni tó ń kà á á rò pé ẹnì kan ń jẹ́jọ́ ní kóòtù.

Ìlà kejì ní pàkúté kan. "ha3raf" wá láti ara mímọ̀, ẹni tó gbára lé ìwé á ní "mi ò ní mọ̀ bí mo ṣe máa wá lọ́la", bí ẹni pé ọ̀nà ló ti sọnù mọ́ ọn lójú. Ní Íjíbítì, tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ mímọ̀ yìí ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe mìíràn báyìí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó máa ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe. Kò ní lè wá ni.

Ìlà kẹta ló léwu jù. "ma" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kíkọ̀ ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá kánjú á túmọ̀ rẹ̀ sí pé kí wọ́n má fi sí Jímọ̀, ìpàdé á sì forí ṣánpọ́n. Ará Káírò tó bá ń kọ̀, méjì ni yóò fi há ọ̀rọ̀ ìṣe náà: "ma" níwájú, "sh" lẹ́yìn, ìyẹn "ma n5alihash". Kò sí "sh" níbí. "ma" tí "sh" kò tẹ̀ lé, tó wá jókòó ṣáájú irú ọ̀rọ̀ ìṣe yìí, àbá ló ń dá, tí "ba2a" sì ń tì í lẹ́yìn. Bí Yorùbá ni: "a ò ṣe kúkú fi sí Jímọ̀ jàre?" Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ "jàre" yẹn létí ni ẹ tó lè kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

```
Where've you been, man? I've missed you!
Sorry, I can't make it tomorrow.
Why don't we just do Friday?
And bring the charger with you, yeah?
```

Ẹnì kan á béèrè pé "ya basha" dà. Oyè ńlá ni basha láyé ọba Ọ́tómánì, lónìí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ń fi pe oníbàárà rẹ̀. Mo ti lo orúkọ ìfẹ́ kan lókè, tí mo bá tún fi ìkejì síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì á máa ṣe àṣejù. Mo wá kó gbogbo ọ̀yàyà ìlà yẹn sínú ọ̀rọ̀ kékeré tó parí rẹ̀. Ohun tí mi ò ní ṣe ni kí n fi èdè ọmọ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù tàbí Niú Yọ́ọ̀kì bò ó. Ọmọ Káírò á wá di ọmọ Pẹ́kàmù. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù ni ọjọ́ àti ṣájà. Tí ọ̀yàyà bá pé tí Jímọ̀ ò hàn, iṣẹ́ ò tíì ṣe.

"inshallah" ńkọ́? Mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí a máa yọ ọ́ kúrò, mi ò sì fara mọ́ kíkọ ọ́ ní odindi gbólóhùn àdúrà. Ẹ wo ohun tó yí i ká. Tí aago àti ibi ìpàdé bá bá a rìn, ó ń bọ̀ nìyẹn. Tó bá dá wà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí ìpè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ "a ó máa wò ó". Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Tí kò bá sì hàn nínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀, ẹ má ṣe bá a pinnu. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀pọ̀ tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lónìí ló mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo eléyìí, ẹ mọ ìlú tí ọ̀rọ̀ ti wá. "mashi" ní Káírò, ó ti gbà nìyẹn. Ní Mòrókò, "kì í ṣe" ni. Ọ̀rọ̀ ìbéèrè ni mo máa ń kọ́kọ́ wò: "eh", tó sábà máa ń wà lẹ́yìn bíi "3amel eh", Íjíbítì ni, "shu", ẹ ronú kan Síríà tàbí Lẹ́bánónì, "shnu" lè jẹ́ Mòrókò, ó lè jẹ́ Ìráàkì, ẹ wá ẹ̀rí mìíràn kún un.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó bá wà lórí Wásáàpù ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́. Tí ẹ bá rí "7adretak", "ẹ" tiwọn nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rín ló kún gbogbo ìyókù. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ", ọ̀wọ̀ yẹn á wá wọ inú bí a ṣe ń tọrọ nǹkan: ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sí i, kí ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀rẹ́. Nígbà mìíràn, láàárín ìtàkùrọ̀sọ kan náà, ẹni yẹn á fi "7adretak" sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lo "enta". Ó ti kúrò ní "ẹ", ó ti bọ́ sí "o". Mo máa ń wá ìlà tó ti ṣẹlẹ̀ kí n tó tẹ ohunkóhun, ibẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì tèmi náà ti máa ń jáwọ́ nínú ẹ̀bẹ̀.