Ìpínrọ̀ tí a fi móòdù kan náà yọ

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo jókòó ti ìwé àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì kejì girama àgbà. 42 ni wọ́n. Orí ọ̀rọ̀ tí mo fún wọn ni "Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé wa". Kí n tó ka ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tán, mo ti lè sọ ohun tí ìpínrọ̀ tó kàn máa wí kí n tó fojú kàn án. Gbólóhùn kan á kéde ọ̀rọ̀. "Lákọ̀ọ́kọ́" á tẹ̀ lé e, "ní ìkejì" á dé, "ní ìkẹta" á dé, "nítorí náà" á wá ti ilẹ̀kùn. Gbólóhùn márùn-ún márùn-ún láti òkè dé ilẹ̀, bíi búlọ́ọ̀kù tó jáde látinú móòdù kan náà.

Ó dùn mí gan-an, torí mo mọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ ni. Nínú àròkọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Wáẹ̀kì, máàkì 50 ló wà ńlẹ̀: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí ọmọ ṣe lo èdè, 10 fún àìṣàṣìkọ. Ètò yẹn la máa ń sá tọ̀, torí òun ló rọrùn jù láti fi kọ́ kíláàsì tó kún àkúnya. A ya àpótí márùn-ún sára pátákó, àwọn ọmọ dà á kọ, ó parí. Ohun tí à ń gbàgbé ni pé ètò ni kí ọ̀rọ̀ kan bí èkejì. Ọmọ tó to ọ̀rọ̀ sínú àpótí kò tíì ṣe ìyẹn, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ dí ọ̀nà máàkì 20 tó wà fún ìlò èdè.

Ẹ wo ìpínrọ̀ tí ọmọbìnrin kan kọ. Màmá àgbà tó ń tọ́ ọ ń yan gààrì tà:

"Iṣẹ́ gààrì ṣe pàtàkì púpọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń mú owó wọlé. Ní ìkejì, ó ń pèsè oúnjẹ fún àwọn ènìyàn. Ní ìkẹta, ó ń fún àwọn obìnrin níṣẹ́. Nítorí náà, iṣẹ́ gààrì dára."

Kò sí àṣìkọ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìkẹta síwájú, kí ẹ gbé àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Ṣé nǹkan kan bàjẹ́? Kò sí. Ẹ yọ "gààrì", kí ẹ fi "aṣọ títà" sí i. Kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀ náà. Ọ̀nà tí mo fi ń dá a mọ̀ nìyẹn. Bí gbólóhùn inú ìpínrọ̀ bá lè pààrọ̀ ipò láìṣe ìkankan níjàǹbá, a jẹ́ pé wọ́n kàn tò wọ́n ni, ẹnikẹ́ni ò tíì ronú. Gbólóhùn ìkẹyìn náà ńkọ́? Ẹ fi ọwọ́ bò ó. Bí ẹ ò bá ṣàfẹ́rí rẹ̀, kò níṣẹ́ níbẹ̀.

Mo pè é lọ́jọ́ Ajé. Mo ní, "Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o kọ yìí, èwo lo fojú ara rẹ rí?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ti owó, mà." Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní màmá àgbà ló san owó ìdánwò òun. Mo tún bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé owó gààrì ni. Ó ní òun rí àpò gààrì tó kúrò nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n san án. Ó wá fi kún un fúnra rẹ̀ pé ojú màmá àgbà ń pọ́n lálaalẹ́ nítorí èéfín. Mo ní, "Kí ló dé tí èyí ò fi sí nínú ìwé rẹ?" Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kó jẹ́ kókó mẹ́ta, mà."

Òótọ́ ló sọ.

Mo ní kó lọ tún un kọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí èéfín, kó má ka gbólóhùn, kó sì dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tán. Ohun tó mú wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú nìyí:

"Alẹ́ ni ojú màmá àgbà máa ń pọ́n jù. Ààrò tí wọ́n gbé agbada kà sún mọ́ ògiri, èéfín ò ríbi gbà, ojú ẹni tó jókòó tì í ló ń yí sí. Wọn ò sì lè dìde, torí bí ọwọ́ wọn bá kúrò níbẹ̀ pẹ́nrẹ́n, gààrì á jóná nísàlẹ̀, á dì lókè. Mo ní ká gbé ààrò síta. Wọ́n ní òjò ńkọ́. Àpò kan nínú gààrì yẹn ni wọ́n tà tí wọ́n fi san owó ìdánwò mi.

"Mi ò tíì sọ fún wọn pé mo mọ̀."

Owó tó wà ní "lákọ̀ọ́kọ́" ti di ohun tó kẹ́yìn, ó sì wúwo, torí a ti jókòó nínú èéfín ká tó gbọ́ ọ. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé "Wọ́n ní òjò ńkọ́" sókè gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀, kò ní lọ. Kò síbi tó ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ gààrì ṣe pàtàkì. Ìpínrọ̀ kejì jẹ́ gbólóhùn kan péré, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kún un.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa bi mí pé àròkọ aláríyànjiyàn ńkọ́. Gbólóhùn tó ń kéde ọ̀rọ̀ wúlò níbẹ̀, kí ẹni tó ń kà lè mọ ibi tí ọmọ dúró sí. Ṣùgbọ́n kò sídìí tí gbogbo ìdí fi gbọ́dọ̀ gba àyè kan náà. Ọmọ tó ń sọ pé kí wọ́n má gba ọ̀kadà láàyè lójú títì ńlá lè ní ìdí kan tó lágbára, ìyẹn jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ ní ìkóríta wọn. Kó fún un ní gbólóhùn mẹ́wàá. Ariwo ọ̀kadà kò nílò ju ẹyọ kan lọ. Kó wá fún ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi ọ̀kadà bọ́ ọmọ ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, kó sì dá a lóhùn.

Títú móòdù náà ní ewu tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí mo sọ fún pé kó má ka gbólóhùn mọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ṣọ́ọ̀bù fọganáísà bàbá rẹ̀, ó sì parí ìpínrọ̀ náà sórí bọ́ọ̀lù. Mi ò dá a padà sínú àpótí. Mo ní kó fẹnu sọ fún mi, ní gbólóhùn kan, ohun tí ìpínrọ̀ náà ń ṣe. Kò lè sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló mú bírò tó fi ìlà sábẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà kúrò lọ́nà: ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń fi táyà sínú omi láti wá ibi tó ti lu. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun tó ń kọ báyìí.