Ó lè jẹ́ ojúlówó mílíìkì

"Ṣé mílíìkì ayédèrú ni wọ́n ń tà fún wa ni? Tí mo bá ti mu ún, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló kù."

Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ ojúlówó o. Ṣúgà inú mílíìkì, láktóòsì, ni ẹ wò. Èròjà tó ń fọ́ ọ nínú ìfun kékeré máa ń dínkù lára ọ̀pọ̀ wa bí a ṣe ń dàgbà. Ṣúgà náà á wá dé ìfun ńlá láìdà: á fa omi mọ́ra, ìgbẹ́ á ṣàn, bakitéríà ibẹ̀ á jẹ ẹ́, gáàsì á dé, inú á máa lọ́ni. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 2 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi wàrà Fúlàní dán an wò. Púpọ̀ nínú ṣúgà yẹn ti bá omi tí wọ́n sẹ́ kúrò lára rẹ̀ lọ.