Owó Ni A Ní Kí Ẹ Dá Dúró, Ẹ Ní Ká Lọ Bá Ẹni Tó Ń Kó O

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra mọ́. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, kí ló dé? Bí ènìyàn bá ní kí ẹ bá òun dá owó tó ń jáde nínú àkáǹtì òun dúró, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín ni "ẹ lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó náà sọ̀rọ̀." Ta ló ni àkáǹtì? Ta la gbé owó fún kó bá wa tọ́jú?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí dà láàmú. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe. Ó forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan, £24.99 lóṣù. Nígbà tí kò ráyè lọ mọ́, ó kọ̀wé sí wọn pé òun ò ṣe mọ́, ó san owó oṣù kan tí àdéhùn ní kó san kó tó kúrò, àwọn náà sì fèsì pé àwọn ti yọ orúkọ rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, £24.99 tún jáde. Oṣù kejì, ó tún jáde. Ó pe jíìmù, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń bójú tó owó ni kó kọ̀wé sí. Ó pe báńkì, báńkì dá a padà sí jíìmù. Wọ́n ń gbá obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé kiri bíi bọ́ọ̀lù.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ohun tí ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní báńkì sọ fún un. Ó ní, "Màdáàmù, sítáńdíǹ-ọ́dà ni. Jíìmù nìkan ló lè dá a dúró." Gbólóhùn kan, àṣìṣe méjì! Kì í ṣe sítáńdíǹ-ọ́dà rárá. Ká tiẹ̀ ní òun ni, jíìmù ò lè fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún un láti mọ̀ nìyẹn o.

Sítáńdíǹ-ọ́dà jẹ́ àṣẹ tí ìwọ fúnra rẹ pa fún báńkì rẹ: kí wọ́n máa fi iye báyìí ránṣẹ́ sí àkáǹtì báyìí ní ọjọ́ báyìí. Òun ni ọ̀pọ̀ wa fi ń san owó ilé fún lánlọ́ọ̀dù, òun náà ni àwọn tó ń dá àjọ fi ń san tiwọn fún alájọ lóṣooṣù. Ẹni tó ń gbà á ò lè fi kọ́bọ̀ kan kún un, kò sì lè dá a dúró. Ìwọ lo pa àṣẹ, ìwọ lo máa wọ́gi lé e, nínú ápù tàbí lórí fóònù. Ìdí nìyí tí owó ilé fi máa ń lọ lẹ́yìn tí ènìyàn ti kó kúrò. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó gba owó náà ni wàá ti lọ bẹ̀bẹ̀, nítorí báńkì á ní ohun tí o ní kí àwọn ṣe làwọn ṣe.

Dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì yàtọ̀ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ lo fún láyè pé kí wọ́n wá máa fa owó nínú àkáǹtì rẹ. Àwọn ló ń pinnu iye tí wọ́n máa fà àti ọjọ́ tí wọ́n máa fà á, wọ́n kàn gbọ́dọ̀ sọ fún ọ ṣáájú, ọjọ́ iṣẹ́ 10 ló sábà máa ń jẹ́, àyàfi tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí òmíràn. Òun ni iná mànàmáná, omi àti jíìmù fi ń gba owó wa.

Bó o bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́, ṣí ápù báńkì rẹ. Wàá rí "Standing Orders" lọ́tọ̀, wàá rí "Direct Debits" lọ́tọ̀. Orúkọ jíìmù wà lábẹ́ ìkejì gbangba, ọmọkùnrin yẹn ò kàn wò ó ni! Bí orúkọ náà ò bá sí nínú méjèèjì, nọ́ńbà gígùn ara káàdì rẹ ni wọ́n sábà fi ń gba owó náà. Ìyẹn náà, báńkì gbọ́dọ̀ dá a dúró bó o bá ti sọ fún wọn kí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí owó máa jáde tó parí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó dúró.

Láti pa dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì, tẹ orúkọ wọn nínú ápù kí o sì wọ́gi lé e, tàbí kí o pe báńkì, ó pẹ́ tán ọjọ́ iṣẹ́ kan kí owó tó jáde. O ò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ fetí sí èyí dáadáa o: bó o ṣe dá owó dúró kọ́ ni àdéhùn ṣe parí. Bí oṣù mẹ́ta bá ṣẹ́ kù nínú àdéhùn tó o fọwọ́ sí, gbèsè ni, wọ́n sì lè lépa rẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ti parí tirẹ̀, ó sì ní ìwé tí wọ́n fi jẹ́wọ́ lọ́wọ́.

Owó tó ti lọ ńkọ́? Ibí yìí ni wọ́n ti ń fi ẹ̀tọ́ wa pamọ́ jù. Dáírẹ́ẹ̀tì-dẹ́bíìtì ní ẹ̀jẹ́ kan tí gbogbo báńkì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́, wọ́n ń pè é ní Direct Debit Guarantee. Bí wọ́n bá fa owó náà láṣìṣe, bóyá iye rẹ̀ ni, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ni, bóyá ẹ ti wọ́gi lé e, báńkì yín ló máa dá a padà ní pípé, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn ló máa lọ gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ bá ṣì ń jiyàn pẹ̀lú jíìmù lórí ohun tí àdéhùn wí, ẹ̀jẹ́ yìí ò bá yín yanjú ìyẹn, bí ẹ bá sì gba owó tí kò tọ́ sí yín, ẹ máa dá a padà.

Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó tún pè wọ́n. Ó ní, "Lábẹ́ Direct Debit Guarantee ni mo ti ń béèrè owó mi, mo sì ní ìwé tí wọ́n fi yọ orúkọ mi lọ́wọ́." Ohùn ẹni tó wà lórí fóònù yí padà. £49.98 wọlé. Ẹnu tí wọ́n fi lé e lọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa san èrè oorun tí wọ́n bà jẹ́ fún un?

Bí báńkì bá kọ̀, ẹ ní ẹ̀sùn lẹ fẹ́ fi sùn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí owó sísan, ọjọ́ iṣẹ́ 15 ni wọ́n sábà ní láti fèsì. Bí èsì wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, oṣù mẹ́fà lẹ ní láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàrin báńkì àti oníbàárà, ọ̀fẹ́ ni.

Kí ẹ sì tún yẹ "Direct Debits" yín wò lóṣù tó ń bọ̀. Bí orúkọ wọn bá tún yọ síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ti gbé àṣẹ tuntun wọlé ni. Ẹ pa á, ẹ béèrè owó yín, kí ẹ sì bi báńkì pé níbo lẹ ti fọwọ́ sí i.