Ẹ̀yin ajẹ́ńtì iṣẹ́, èló lẹ fẹ́ san?

Ó ti sú mi o! Àárọ̀ Túsìdeè, mo wà nínú kẹ̀kẹ́ ní Pánsẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, fóònù dún: "Ẹ kú àárọ̀ mà. Iṣẹ́ àkáǹtì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Owó gidi. Ẹ tètè fi síífíì yín ránṣẹ́." Ó parí. Ògùn wo? Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ló wà nínú ẹ̀! Owó gidi lójú ta ni?

Mo rọra fèsì torí iṣẹ́ ni mò ń wá, mi ò wá ìjà. Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Láti èló sí èló lowó oṣù, ṣé kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni àbí èyí tó máa dọ́wọ́ mi? Ta ni màá máa jábọ̀ fún? Àdúgbò wo ni ọ́fíìsì wà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni íńtáfíù, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?" Ó ní, "Ṣé owó lẹ gbé sọ́kàn ni?" Háà! Kí ni kí n gbé sọ́kàn, tí mo lọ́mọ nílé?

Mi ò dákẹ́, mo ń bi í ṣáá, ìgbà tó dalẹ́ ló wá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. 180,000, wọn ò tíì yọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀. Ọ́fíìsì wà ní Sàngó Ọ̀tà, Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Mo bá jókòó ṣírò ẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì, 8 nínú 100 ni tiwa, ká ní orí gbogbo owó yẹn ni wọ́n ti máa yọ ọ́, 14,400 ti lọ. Láti Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta níbí dé Sàngó, tí mo bá tún gun ọ̀kadà wọ inú lọ, lọ-bọ̀ ò ní dín ní 6,000, ọjọ́ 22 á di 132,000. Ó ku 33,600, owó orí ò tíì dé ibẹ̀ o! Ohun tó pè ní owó gidi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ mo ti fẹ́ fi síífíì ránṣẹ́ ná kí n tó bèèrè.

Ti ọ̀gá wá nìyẹn. Mánéjà ìṣúná ò sí, ọ̀gá àgbà àti ìyàwó wọn ni màá máa jábọ̀ fún. Ẹni tó bá ti ṣe àkáǹtì rí mọ̀ ọ́n: èyí á ní kó o sanwó, ìkejì á ní ta ló ní kó o san án, ọrùn ẹ ni gbogbo ẹ̀ máa wá.

Íńtáfíù ló wá bí mi nínú jù. Ìdánwò lórí ìwé, ó dáa. Lẹ́yìn ẹ̀, kí n wá fi ọjọ́ mẹ́ta bá wọn to ìwé owó báǹkì oṣù mẹ́fà pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ wọn, lọ́fẹ̀ẹ́, "kí wọ́n lè rí ọwọ́ iṣẹ́ mi". Ìdánwò wo nìyẹn? Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ tí wọn ò fẹ́ sanwó ẹ̀ ni! Mo ní mi ò ṣe, wákàtí kan ni mo lè fi ṣe ìdánwò, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Kò fèsì mọ́.

Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo tún rí i lórí Wọ́sáàpù ẹ̀: iṣẹ́ àkáǹtì, ìpínlẹ̀ Ògùn, owó gidi. Ó mọ iye ẹ̀, ó mọ Sàngó, kò kọ ọ́ síbẹ̀!